Báwo ni mo ṣe lè kọ ohun tí ọmọ ilé ìwé nílò sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ láìtú àṣírí rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò tí ilé ìwé wa fi ń wá owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní sáà tó kọjá, mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò ọmọbìnrin kan pé: "Bàbá rẹ̀ ti kú, bàtà rẹ̀ ti lu. Bí ẹ ò bá ṣàánú rẹ̀, yóò kúrò nílé ìwé." Owó wọlé dáadáa. Àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, ni wọ́n bá ń pè é ní "Bàtà-lu". Mi ò dárúkọ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ àti ikú bàbá rẹ̀ ti tó fún wọn láti dá a mọ̀.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ sanwó ọmọ òun? Ní báyìí, ó dìgbà tí owó ilé ìwé ọmọ bá dájú ká tó béèrè fọ́tò, ọmọ fúnra rẹ̀ á sì ka ọ̀rọ̀ náà kó tó jáde. Mo wá kọ èyí: "Owó ilé ìwé ti pé, owó ìdánwò àti ìwé sáyẹ́ǹsì ló kù." Inú ọmọ dùn sí i, àmọ́ owó tó wọlé kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n fi "ẹ ó yí ayé rẹ̀ padà" kún un. Mo kọ̀, torí ìwé sáà kan kò ṣe ìyẹn.

Ìbéèrè mi ni pé: kí ni kí n fi ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́, tí àìní náà yóò fi wọ àwọn èèyàn lára láìfọwọ́ kan ọgbẹ́ ọmọ? Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.