Ṣé "ìgbéga lójúkan" bá iṣẹ́ pg_upgrade mu?

Bọ́lá: Mò ń túmọ̀ ìtọ́nisọ́nà PostgreSQL, apá tó sọ bí a ṣe ń gbé dátà kúrò lórí ẹ̀dà 15 bọ́ sórí 17. Mo pe ọ̀nà pg_upgrade ní "ìgbéga lójúkan", mo sì pe ti pg_dumpall ní "ìkójáde àti ìdápadà". Ṣé wọ́n bá iṣẹ́ wọn mu?

Ṣẹ́gun: Èmi ò rí àléébù lára "lójúkan" o. Ibi tí dátà wà náà ló ṣì wà. Bí nǹkan bá dojú rú, ẹ kàn máa tan ti àtijọ́ padà ni.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Àbúrò, ìdajì òótọ́ lo sọ. Ẹ wo àṣẹ yìí ná:

```
pg_upgrade -b /usr/lib/postgresql/15/bin \
  -B /usr/lib/postgresql/17/bin \
  -d /data/15 -D /data/17 --link
```

Fódà méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ `--link` kúrò, ńṣe ló máa da gbogbo fáìlì 15 kọ sínú 17, ẹ sì nílò àyè fún méjèèjì. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ṣẹ́gun tọ̀nà. Pẹ̀lú `--link`, fódà méjèèjì jọ ń lo fáìlì kan náà lórí dísíìkì, ìdí nìyẹn tó fi ń yára. Àmọ́ gbàrà tí ẹ bá ti tan 17, ẹ ò gbọ́dọ̀ tan 15 mọ́, torí fáìlì tí 17 ń kọ nǹkan sí ni tiẹ̀ náà.

Yálà ẹ lo `--link` tàbí ẹ ò lò ó, ohun tí kì í yí padà ni inú fáìlì tábìlì àti ti atọ́ka. "Ìgbéga onífáìlì" ni mo fọwọ́ sí.

"Ìdápadà" ló ń dà mí láàmú jù. Kò sóhun tí wọ́n dá padà. Àṣẹ SQL ni pg_dumpall ń kọ jáde, 17 á wá ka àṣẹ náà, á tún tábìlì àti atọ́ka kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Ká ní ẹ pààrọ̀ Línúsì lákòókò kan náà, tí glibc, ibi tí PostgreSQL ti ń gba ètò títo lẹ́tà lórí Línúsì, kúrò ní èyí tó ṣáájú 2.28 bọ́ sí 2.28 tàbí èyí tó tẹ̀ lé e, ètò títo lẹ́tà ti yí padà. pg_upgrade á gbé atọ́ka àtijọ́ kọjá bó ṣe rí. Ẹ ó wá orúkọ kan tó wà nínú tábìlì, kò ní jáde, kò sì ní sí àṣìṣe kankan lójú ẹ̀rọ, àfi kí ẹ ṣe `REINDEX`. Ẹni tó kó o jáde tó tún un kọ́ ò ní rí wàhálà yẹn. "Ìkójáde àti àtúnkọ́" ni kí o kọ.

Fúnkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa "lójúkan" o. MySQL ni tèmi. Fódà kan ṣoṣo ni: mysqld tuntun á ṣí ti àtijọ́, á sì tún un ṣe fúnra rẹ̀ láti 8.0.16. Ojú kan náà gan-an nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Mo gbà, fún MySQL. Àmọ́ PostgreSQL ni Bọ́lá ń túmọ̀.

Bọ́lá: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. "Àtúnkọ́" wọlé. Àmọ́ ó ku "ẹ̀dà": mo ti kọ "ẹ̀dà 17", mo sì tún kọ "ṣe ẹ̀dà fáìlì", gbogbo rẹ̀ nínú gbólóhùn kan.

Ẹ̀gbọ́n Délé: Fi "ẹ̀dà" sílẹ̀ fún 17. "Àdàkọ" ni ti fáìlì.

Ṣẹ́gun: Ṣebí ẹ̀dà náà ni àdàkọ? Èmi á kọ "fáṣọ̀n 17" ní tèmi.