Bọ́ọ̀tì ilé oògùn: èwo ni kó dáhùn, èwo ni kó kọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí. Bọ́ọ̀tì Wasáàpù ni mò ń bójú tó fún ilé oògùn kan ní Kábà. Ọ̀gá tó ni ilé oògùn náà ní kí bọ́ọ̀tì máa fi "Ẹ lọ rí dókítà" dá gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn lóhùn. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ wákàtí mélòó ló yẹ kó wà láàárín parasítámọ́ọ̀ méjì, tó wà lára páálí oògùn, ìyẹn náà ni wọ́n ń lé lọ.

Ìyá kan ní Ìyàrà kọ̀wé pé: "Ara omo mi gbona, ko mu oyan mo, giri tun mu." Èsì kan náà ló gbà! Bẹ́ẹ̀, gìrì àti àìlèmu ọmú jẹ́ àmì ewu. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni.

Mo fẹ́ kí ètò kan kọ́kọ́ wá àmì ewu nínú ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ ránṣẹ́, yálà wọ́n fi àmì ohùn sí i tàbí wọn ò fi sí i, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀tì; bó bá rí i, kí èsì tí nọ́ọ̀sì ti kọ sílẹ̀ jáde. Ìwọ̀n oògùn fún ọmọ kan pàtó, kó kọ̀ ọ́, kó sì fún wọn ní nọ́ńbà apòògùn. Ohun tó wà lára páálí, kó dáhùn.

Àmọ́ bí ẹnìkan bá kọ "giri ko mu un" ńkọ́? Ṣé kí ètò ṣì gbé e bí ewu, àbí kó béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i? Ìkìlọ̀ abẹ́ èsì sì rèé, wọn kì í kà á. Níbo lẹ ń fi tiyín sí?