Kiriatíìnì àti oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ṣé èkínní lè rọ́pò èkejì?

Ọmọ Ìpẹ̀rù, Mansẹ́sítà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ. Àbúrò mi obìnrin ń lo ẹsitalopíráàmù mílígíráàmù 10 fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó ti pé oṣù mẹ́ta. Ó wo fídíò kan tó ní ìyẹ̀fun kiriatíìnì ń wo àìsàn náà. Ó ti ra ike kan, ó ní òun máa jáwọ́ nínú oògùn. Kí ni kí n wí fún un?

Bọ̀dá Ṣágámù, Họ́sítìnì
Jẹ́ kó lò ó. Àwọn tó ń gbé irin ti ń lò ó tipẹ́, inú ẹran àti ẹja ló kúkú wà. Gíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà 5. Ìwádìí ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́.

Àǹtí Olóògùn, Lẹ́síìtà
Bọ̀dá, ìdajì ọ̀rọ̀ yín ló tọ́. Èyí tó lókìkí jù nínú ìwádìí yẹn, Kòríà ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2012. Obìnrin 52 ni, ẹsitalopíráàmù yìí gan-an ni gbogbo wọn ń lò. Wọ́n fún àwọn kan ní kiriatíìnì kún un, gíráàmù 3 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 5 lẹ́yìn náà, títí di ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ìyẹ̀fun lásán ni wọ́n fún àwọn yòókù. Àwọn tó gba kiriatíìnì tètè gbádùn, láti ọ̀sẹ̀ kejì. Wọn ò gba oògùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àbúrò yín bá wá da oògùn nù, ohun tó ń ṣe kì í ṣe ohun tí wọ́n dán wò. Ìwádìí kan tún wà ní Íńdíà tó dára, ìjókòó pẹ̀lú olùtọ́jú ni wọ́n fi kún ti ibẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n kó ìwádìí 11 pọ̀ ní 2025, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kéré, ẹ̀rí rẹ̀ ò sì lágbára.

Bó bá já oògùn dúró lójijì, òòyì lè máa kọ́ ọ, kó máa dà bíi pé iná mànàmáná ń ta á lórí, kó má rí oorun sùn. Ó lè rò pé àìsàn ló padà dé. Dókítà tó kọ oògùn ló ń bá èèyàn dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Gíráàmù 20 yẹn, inú ló máa fi ń yọ èèyàn lẹ́nu. Wọn ò ṣe é ní Kòríà. Bí dókítà bá gbà á láyè, 3 sí 5 tó. Ẹ fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí kan ò dọ́gba pẹ̀lú èkejì.

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Ṣé mo lè dà á sínú gaàrí Ìjẹ̀bú mi? Èmi náà ń lò ó nítorí orúnkún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kíndìnrín mi ń lọ sílẹ̀. Àyà mi já.

Àǹtí Olóògùn, Lẹ́síìtà
Omi tútù kì í yọ́ ọ dáadáa, ìsàlẹ̀ abọ́ ló máa sùn sí, ẹ ó kàn dà á nù pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi pò ó, kẹ́ ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀. Ti kíndìnrín: ara máa ń sọ kiriatíìnì di kiriatiníìnì, òun sì ni wọ́n fi ń ṣírò eGFR, nọ́ńbà tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Nọ́ńbà náà lè wálẹ̀ láìjẹ́ pé kíndìnrín bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó bàjẹ́ lóòótọ́! Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lo kiriatíìnì, kẹ́ ẹ ní kó bá yín yẹ sísítátíìnì C wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn fún kíndìnrín. Kiriatíìnì kì í yí ìyẹn padà.

Nọ́ọ̀sì Òde, Dọ́bílìnì
Ọmọ Ìpẹ̀rù, ẹ bi í léèrè: ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé kò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, síbẹ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, tó ń náwó ní ìnákúnàá? Bàípólà nìyẹn lè jẹ́, àìsàn tó ń gbé ọkàn láti ìrẹ̀wẹ̀sì lọ sí ìdùnnú àṣejù. Nínú ìwádìí kékeré kan lórí bàípólà, tí wọ́n lo gíráàmù 6, èèyàn méjì tó gba kiriatíìnì yí sí ìdùnnú àṣejù yẹn. Bó bá sì ń lo lítíọ́ọ̀mù, oògùn bàípólà, wọ́n máa ń yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò déédéé, kiriatíìnì á da nọ́ńbà wọn rú.

Kó máa dáhùn PHQ-9, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó kọ àròpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí ikú, kì í dúró de ọ̀sẹ̀ 8. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ju 0 lọ, kó pe 111, kó tẹ 2, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ewu bá ti wà nílẹ̀, 999 ni. Ní Họ́sítìnì àti Tòróńtò, 988.

Bọ̀dá Ṣágámù, Họ́sítìnì
Mo gbọ́. Àwọn tó wà nílé ńkọ́? Ẹni tó bá dé Àrò, wọ́n á ní ó ya wèrè. Ìyẹ̀fun kò lórúkọ burúkú.

Nọ́ọ̀sì Òde, Dọ́bílìnì
Ìyẹn gan-an ló ń pa wọ́n, Bọ̀dá. Àrò ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ilé ìwòsàn OOUTH sì wà ní Ṣágámù yín níbẹ̀.

Bọ̀dá Ṣágámù, Họ́sítìnì
Ẹ má sọ fún mi pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìpẹ̀rù, Mansẹ́sítà
Ẹ ṣeun. Ó gbà kí oògùn dúró. Ọjọ́ Ajé la máa pe dókítà, màá mú orúkọ tó wà lára ike náà dání. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 ńkọ́, ṣé kó máa bá a lọ?