Ọ̀rọ̀ ojú fídíò fún ẹni tí kò tan ohùn: ìrírí wa ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogí

Ayafídíò, Kàbà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mo máa ń ya fídíò kéékèèké fún àwọn tí ń ta kajú. Inú ọkọ̀ tàbí ibi iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wò ó máa ń wà, wọn kì í sì í tan ohùn. Nínú ọ̀kan, ìyá oníkajú kan sọ pé: «Ẹ̀yin ọmọ mi, kajú tí kò bá tíì gbẹ dáadáa, ẹ má ṣe kó o sínú àpò rárá, torí ooru yóò mú un níbẹ̀, yóò sì bu, ẹni tó fẹ́ rà á yóò sì gé owó yín.» Ó wá fi èékánná tẹ kajú kan láti fi èyí tí kò gbẹ hàn. Bí a bá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú fídíò, yóò bo kajú tí a fẹ́ kí wọ́n rí. Nítorí náà, mo kọ ọ́ báyìí:

Ẹ má kó kajú tútù sápò.

Yóò bu níbẹ̀.

Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́:
bí ó bá rọ̀, kò tíì gbẹ.

Èkíní ti wà lójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí ọwọ́ ìyá náà ń da kajú sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ ohùn kò ní dúró wo ohun tí kò yé e. Ìkẹta kò jáde títí èékánná fi kan kajú. Ìlà méjì ni mo pín in sí, mo sì gé e níbi tí ènìyàn yóò ti mí bí ó bá ń sọ ọ́. Mi ò jẹ́ kí «bí ó bá» wà lókè kí «rọ̀» wá bọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí lẹ́tà 15 ni mo máa ń ṣírò fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ì bá gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ṣùgbọ́n mo fún un ní mẹ́rin, nítorí pé ojú tí ń kàwé náà ni yóò wo èékánná.

Onígàrí, Ìsánlú

Ní tèmi, kí lẹ́tà tóbi kí ó sì funfun ti tó. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń gbé e sí bí ti sinimá, kò sì sí ẹni tí ó tíì ráhùn.

Ayafídíò, Kàbà

Ìyá wa, òótọ́ ni pé ó yẹ kí lẹ́tà tóbi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà funfun lórí gàrí funfun kò ní hàn, àfi bí ẹ bá fi àwọ̀ dúdú yí i ká. Ní ìsàlẹ̀, orúkọ yín àti àlàyé fídíò ni yóò bò ó lórí ìkànnì bíi TikTok. Bọ́tìnì sì wà ní apá ọ̀tún. Àwọn bọ́tìnì wọ̀nyí kì í hàn nígbà tí ẹ bá ń ṣe àtúnṣe lọ́wọ́, nítorí náà fóònù ẹlòmíràn ni kí ẹ fi wò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e jáde. Mo máa ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Olùkọ́, Mọ̀pà

Ohun tí ó ń dùn mí ni àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà ní «ẹ» gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún «ẹ́». Àmì òkè dá dúró, ìrísí lẹ́tà tí ẹ bá yàn ni yóò gbé e sí ààyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìrísí tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ kò lè ṣe é: àmì náà yóò bọ́ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí kékeré yọ. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí, ẹ tẹ «ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ń» sínú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Ìrísí tí wọ́n ń pè ní Noto Sans kò já mi kulẹ̀ rí.

Ará Ìyàrà

Àbúrò mi kò gbọ́ràn. Ó wo fídíò ìgbéyàwó kan, gbogbo ènìyàn ṣàdédé yíjú padà, kò sì mọ̀ pé ìlù ni ó dákẹ́. Èé ṣe tí ẹ kì í kọ irú èyí?

Ayafídíò, Kàbà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí i. Ẹni tí ó pa ohùn lè tan án bí ó bá wù ú; àbúrò yín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ gba kí a kọ gbogbo ohun tí a sọ, ẹni tí ó sọ ọ́, àti ìró bíi «Ìlù dákẹ́». Gbólóhùn mẹ́ta tí mo kọ kò tó fún un. A lè kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí olùwòran yóò máa tàn fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n bá ti gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Onígàrí, Ìsánlú

Ó yé mi wàyí, n óò gbé tèmi sókè. Ṣùgbọ́n Yàgbà ni mo ń sọ nínú fídíò mi. Ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí n kọ ọ́, tàbí Yorùbá ìwé?

Olùkọ́, Mọ̀pà

Yorùbá ìwé ni, kí oníbàárà láti Ìbàdàn lè kà á.

Ayafídíò, Kàbà

Olùkọ́, mi ò gbà pátápátá. Bí ará ilé bá rí ètè ìyá wa tí ń sọ Yàgbà, tí ó sì ń ka ohun mìíràn, yóò rò pé ẹlòmíràn ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí mo ń yà bá ń sọ Owé, ẹ̀ka èdè ti Kàbà níbí, ìlà àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ ní Owé, ìyókù ní Yorùbá ìwé.