Ṣé «ìparẹ́» ni yíyọ bátìrì CMOS?

Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ Ṣakí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ ìwé kékeré lédè wa fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe. Yíyọ bátìrì CMOS, ìyẹn bátìrì kékeré orí bóòdù tó ń fún aago ẹ̀rọ níná, mo pè é ní «ìparẹ́ ìrántí». Mo kọ ọ́ pé ó ń pa ètò ààbò, kokoro inú ẹ̀rọ àti ètò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ náà bójú mu?

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn:

Kò bójú mu rárá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo *rẹ́* tó wà nídìí *parẹ́* yẹn dáadáa. Ohun tó bá ti parẹ́, kò sí níbì kankan mọ́, a kì í wá a lọ wá a bọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń rí tí ẹ bá fi bátìrì tuntun sí i? Ẹ̀rọ á tàn, á ṣiṣẹ́, ètò rẹ̀ á kàn rí bí ìgbà tí wọ́n kó o jáde láti ilé iṣẹ́. *Dá padà* ni Yorùbá ń pe ìyẹn, «ìdápadà» sì ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ tún kọ «kokoro» láìfi àmì kankan sí i. Kòkòrò ni àbí kọ́kọ́rọ́? Inú ìwé iṣẹ́ ọwọ́ ni irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ṣé o. Kòkòrò ni èmi kà á sí. Kọ̀ǹpútà ọmọ mi ti kó kòkòrò láti bí oṣù mélòó kan, ó ń ṣí ìkànnì tí a ò pè. Tí mo bá yọ bátìrì yẹn, ṣé yóò pa wọ́n ni?

Ọ̀gá Dùgbẹ̀:

Ìyá Ìbejì, ẹ má dá bátìrì lóró o. Irú kòkòrò tí ẹ ń sọ, inú dísíìkì ló ń gbé, bátìrì ò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Kódà èyí tó burú jù, irú LoJax tí ilé iṣẹ́ ESET tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 2018, inú ṣíìpù tí fáàmúwíà, ìyẹn ètò tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá tàn, fúnra rẹ̀ wà ló ń sá pamọ́ sí. Ẹ yọ bátìrì, ẹ pààrọ̀ dísíìkì, ẹ ó bá a níbẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni «ìparẹ́» ti kọsẹ̀. Nígbà tí IBM gbé PC AT jáde lọ́dún 1984, ṣíìpù aago kan tí Motorola ṣe, MC146818, ló ń tọ́jú ètò ẹ̀rọ. Báìtì 64 péré ló gbà, bátìrì ló sì ń mú un rántí. Yọ bátìrì, gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pè é ní ìparẹ́ nígbà yẹn kò ṣìnà.

Lórí bóòdù òde òní tó ń lo fáàmúwíà UEFI, aago àti ìwọ̀nba báìtì díẹ̀ ló kù sábẹ́ bátìrì. Àwọn kọ́kọ́rọ́ Secure Boot, ààbò tó ń yẹ ìbuwọ́lùwé ètò ìbẹ̀rẹ̀ wò, ìyẹn PK, KEK àti db, pẹ̀lú dbx tó jẹ́ àkọsílẹ̀ ohun tí a ti fòfin dè, inú ṣíìpù fáàmúwíà ni wọ́n wà. Ibẹ̀ náà ni BootOrder, ìtòlẹ́sẹẹsẹ ohun tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ ṣí, wà. Ṣíìpù yìí ò nílò iná kankan kó tó rántí. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ TPM, ẹ̀ka ààbò inú ẹ̀rọ, TPM fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀.

Kí ló wá dé tí nǹkan fi ń yí padà? Tí ẹ̀rọ bá tàn, fáàmúwíà á rí i pé iná ti já mọ́ aago lọ́wọ́. Kò ní gba ètò tó bá nílẹ̀ gbọ́ mọ́, á sì fi ètò ilé iṣẹ́ rọ́pò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bóòdù kan á yí gbogbo ètò padà, òmíràn á kàn bèèrè ọjọ́ òní lọ́wọ́ yín.

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn:

Ẹ gbọ́ bí? Fáàmúwíà ló ń dá a padà. Olùṣe ti yàtọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta:

Mo ti ń ṣí kọ̀ǹpútà kí ọ̀pọ̀ yín tó mọ ohun tó ń jẹ́ bóòdù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Pásíwọ́ọ̀dù fáàmúwíà ń parẹ́ tí a bá yọ bátìrì. Èmi fúnra mi ti ṣe é lójú oníbàárà, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ìdápadà wo ló wà níbẹ̀? Pásíwọ́ọ̀dù lọ, kò padà wá.

Ẹ tún gbàgbé ọjọ́. Tí aago bá padà sẹ́yìn, Secure Boot á rò pé ọjọ́ ìwé ẹ̀rí tó wà lára Windows kò tíì pé, á sì kọ̀ ọ́. Ààbò ti parẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá Dùgbẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àtijọ́, inú CMOS ni pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà, òótọ́ lẹ rí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé làpútọ́ọ̀pù bíi ThinkPad wá. Pásíwọ́ọ̀dù alábòójútó rẹ̀ wà nínú ṣíìpù EEPROM lọ́tọ̀. Ẹ lè yọ bátìrì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó tún bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló ti ba bóòdù jẹ́ níbẹ̀, torí ẹnì kan sọ fún wọn pé bátìrì ń pa á rẹ́.

Ti ọjọ́, rárá. Tí Secure Boot bá ń yẹ ìbuwọ́lùwé wò, fáàmúwíà kì í wo ọjọ́ ìwé ẹ̀rí mọ́ aago. Bíráósà ló máa ń bínú sí ọjọ́ tí kò tọ́. Bí Windows bá ṣí dáadáa àmọ́ tí gbogbo ìkànnì ń sọ pé ọ̀nà kò láàbò, aago lẹ máa tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan Secure Boot.

Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ Ṣakí:

Kọ́kọ́rọ́ ni mo ní lọ́kàn, ẹ̀yin Olùkọ́. Ọ̀gá, ẹ gbà mí. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìwé náà wà lórí tábìlì mi. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti tíṣà kan ni, Windows 11 àti Ubuntu jọ wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò lára iná, bátìrì CR2032 wá kú. Mo fi tuntun sí i. Ó ní kí n tẹ F1, mo tẹ̀ ẹ́, ojú búlúù BitLocker tó ń ti dísíìkì Windows pa sì jáde, ó ń bèèrè nọ́ńbà oní-díjíìtì 48. Tíṣà ò mọ nọ́ńbà kankan. Ṣé kọ́kọ́rọ́ ò tíì parẹ́ báyìí?

Ọ̀gá Dùgbẹ̀:

Kò parẹ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ má tẹ ohunkóhun tó bá ní Clear nínú.

TPM ló di kọ́kọ́rọ́ BitLocker mú. Kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àyàfi tí ẹ̀rọ bá ṣí bó ṣe ń ṣí lọ́jọ́ tí wọ́n ti í. Lára ohun tó ń wò ni bóyá Secure Boot wà ní títàn àti àwọn kọ́kọ́rọ́ tí Secure Boot ń lò. Nígbà tí fáàmúwíà dá ètò yín padà, ó ṣeé ṣe kó ti pa Secure Boot, kó tan CSM, ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ àtijọ́, tàbí kó pa fTPM, ìyẹn TPM inú fáàmúwíà, pàápàá. Ọ̀pọ̀ bóòdù tó ṣáájú Windows 11 ni ètò ilé iṣẹ́ wọn fi fTPM sí pípa. TPM ò dá ẹ̀rọ náà mọ̀ mọ́, tàbí kẹ̀, òun gan-an ò sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Ẹ wọ inú fáàmúwíà. Ẹ tan fTPM, ẹ pa CSM, ẹ tan Secure Boot, ẹ tún ọjọ́ ṣe. Ẹ yẹ ipò SATA, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá dísíìkì sọ̀rọ̀, wò náà. Bó bá jẹ́ RAID ló wà tẹ́lẹ̀ tí ó wá di AHCI, Windows á wó pẹ̀lú INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE, ẹ ó sì máa rò pé dísíìkì ló kú. Ẹ tọ́jú ètò, ẹ tan ẹ̀rọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti bá ti tẹ́lẹ̀ mu, TPM á jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́ láìbèèrè nọ́ńbà kankan.

Bí Secure Boot bá kọ̀ láti tàn tí ó ń sọ Setup Mode, PK kò sí níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe bátìrì ló sì pa á rẹ́ o. Restore Factory Keys á dá kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ padà, àmọ́ kò lè dá èyí tí oníǹkan fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀ padà. Dbx tó máa kó wá lè ti gbó, BitLocker sì lè tìtorí ìyẹn bèèrè nọ́ńbà. Nítorí náà ẹ má sáré tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ dá BitLocker dúró kí ẹ tó yọ bátìrì. Àṣẹ àkọ́kọ́ á fi nọ́ńbà náà hàn yín kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, èkejì á dá a dúró títí ẹ ó fi tún un tàn:

```
manage-bde -protectors -get C:
manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 0
manage-bde -protectors -enable C:
```

Akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ Ṣakí:

Ọ̀gá, ẹ ṣeun, ọmọ yín á gbẹ́kọ̀ọ́! CSM ló tàn, Secure Boot ló kú, fTPM ò yí padà. Mo tún méjèèjì ṣe, Windows ṣí wọ̀ọ̀, kò bèèrè nọ́ńbà. Àmọ́ orúkọ Ubuntu ti kúrò nínú àwọn ohun tí ẹ̀rọ lè bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìyẹn náà ò parẹ́ ni?

Ọ̀gá Dùgbẹ̀:

Orúkọ ló lọ, fáìlì rẹ̀ wà níbẹ̀. Bóòdù míì, tó bá ń dá ètò padà, á tún orúkọ tò fúnra rẹ̀, Windows Boot Manager nìkan ló sì máa ń mọ̀ wá. Ẹ fi Ubuntu orí fíláàṣì tan ẹ̀rọ. Bí ìpín EFI bá jẹ́ ìkíní lórí sda:

```
efibootmgr
sudo efibootmgr -c -d /dev/sda -p 1 -L ubuntu -l '\EFI\ubuntu\shimx64.efi'
mokutil --sb-state
```

Ẹ rí i pé shimx64 lẹ lò, kì í ṣe grubx64, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Secure Boot tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn máa kọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta:

Orúkọ ló lọ, àbí? Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́. Orúkọ tó kúrò tí a ní láti fọwọ́ kọ padà, ó parẹ́. Ìsẹ́yìn, ìdápadà tiyín yìí, tí mo bá kọ ọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù mi, owó ni oníbàárà máa wá gbà padà.

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn:

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ́ ló ń pinnu ọ̀rọ̀-ìṣe. Lójú àwọn bàbá tó kọ́ wa, bí o bá sọ pé nǹkan parẹ́ tí ó wá yọjú, ìwọ ni wọn yóò mú ní òpùrọ́. Kọ́kọ́rọ́ ò parẹ́, BitLocker ò parẹ́, fáìlì Ubuntu ò parẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló bọ́, ẹ fẹ́ fi í sọ gbogbo ilé lórúkọ.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù:

«Àtúntò» tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Olùkọ́ Ìsẹ́yìn:

*Tún* inú àtúntò ń béèrè ẹni tó jókòó tò ó. Ohun tí ọmọ Ṣakí ṣe lẹ́yìn náà, tó ń tan Secure Boot, tó ń kọ orúkọ Ubuntu, ìyẹn ni àtúntò. Iṣẹ́ méjì ni, orúkọ méjì ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta:

Mi ò gbà. Mo ń bọ̀ wá sórí *rẹ́* yẹn lọ́la.