Ìpolówó àkọ́kọ́ tí mo sanwó fún: láìkì rẹpẹtẹ, oníbàárà ò sí

Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọ̀ kékeré ni mo ní ní Ìtòkú. Oṣù tó kọjá ni mo kọ́kọ́ sanwó ìpolówó lórí Fesibúùkù. Mo tẹ `Boost post`, mo mú gbogbo Nàìjíríà, mo fi ₦10,000 sí i fún ọjọ́ márùn-ún. Láìkì 412! Fóònù ò jẹ́ kí n sùn. Ẹni mẹ́ta péré ló béèrè iye aṣọ, ọ̀kan wà ní Màídúgùri, ó ní kí n gbé e wá fún òun lọ́fẹ̀ẹ́. N ò ta yáàdì kan.

Bàbá Oníbàtà
Owó yẹn ló kéré. Èmi ná ₦50,000 kí n tó rí ojú oníbàárà. Ẹ fi kún un.

Ọlọ́ṣẹ, Òṣogbo
Bàbá, ẹ má bínú, owó nìkan kọ́. Ohun tí ìyá ní kí Fesibúùkù wá fún àwọn náà ni wọ́n rí. Láìkì ni ìyá ń wá, àwọn tó fẹ́ràn àtimáa tẹ láìkì ni Fesibúùkù sì kó wá. Èmi mú kí wọ́n máa kọ̀wé sí mi lórí Wáàsáàpù, mo fi mọ sí Òṣogbo àti àwọn ìlú tó yí i ká, obìnrin ọdún 25 sí 50.

Mo ṣe ìpolówó méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ₦2,000 lójúmọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn èèyàn kan náà, àwòrán nìkan ló yàtọ̀: ọṣẹ dúdú nínú ewé, àti ọwọ́ tó ń hó ọṣẹ. Tí mo bá kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ owó kan ni, Fesibúùkù ì bá tètè da owó sórí ọ̀kan, èkejì ò ní rí ààyè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ewé mú ẹni 9 wá, ọwọ́ mú 21. Inú mi dùn, àfìgbà tí mo ka àwọn tó sanwó: 3 níbi ewé, 4 níbi ọwọ́. Ẹni 4 lórí ₦6,000, ₦1,500 ni mo fi ra oníbàárà kan. Èrè orí ọṣẹ kan ò ju ₦700 lọ! Láti ìgbà náà, mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń tà á. Èwo ló dáa jù nínú àwòrán méjèèjì? N ò tíì lè búra.

Aláta Ìjẹ̀bú
Èmi, ₦10,750 ni wọ́n yọ lórí ₦10,000. Ta ló jẹ ₦750 mi?

Ọlọ́ṣẹ, Òṣogbo
Owó orí ìjọba ni, 7.5%. Ẹ máa kà á mọ́ ọn.

Ìyá Aládìrẹ, Abẹ́òkúta
Ó yé mi. Àmọ́ Abẹ́òkúta ló kún fún aládìrẹ, Èkó ni àwọn tó ń rà á wà. Ṣé kí n mú Èkó nìkan?

Bàbá Oníbàtà
Ẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ kọ owó ọkọ̀ sínú ìpolówó náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sá fún mi.