Áàpù ìránnilétí oògùn mi ń dákẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àyọ̀ká (ẹni tí ó béèrè)

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ti gba oorun lójú mi. Mo kọ áàpù kan tí ń rán ènìyàn létí oògùn rẹ̀, nítorí màmá mi tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti pinnu pé kò ní sí sáfà nínú rẹ̀ rárá, nítorí pé orúkọ oògùn tí ènìyàn ń lò kò yẹ kí ó kúrò nínú fóònù rẹ̀, àti pé ìránnilétí oògùn kò gbọdọ̀ dúró de íńtánẹ́ẹ̀tì kí ó tó dún. Fóònù gan-an ni mo ń fún ní àwọn àkókò náà, òun ni yóò sì máa pe ènìyàn.

Ó ń dún dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ lọ gbári. Ọjọ́ méjì ni màmá mi fi fo oògùn alẹ́, nítorí pé ó ti fọkàn tán fóònù. Àbúrò mi sì sọ lójú gbogbo ẹbí pé ìwé àti kálámù sàn ju iṣẹ́ mi lọ. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé lórí fóònù tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti ń dún láìfo ẹyọ kan. Mo ti yí ohùn agogo rẹ̀ padà, mo sì ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù màmá mi, mo tún un fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ọjọ́ kẹrin kan náà ni ó ń dákẹ́. Mo ti ka kóòdù mi tán léraléra, n kò rí àbùkù níbẹ̀. Kí ni ó ń ṣe fóònù màmá mi?

Ògúnṣọlá

Bátìrì ni. Fóònù tí ó bá ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ lójú méjèèjì máa ń ti áàpù tí a kì í ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn alámù rẹ̀ a sì máa pẹ́ kí wọ́n tó dún, tàbí kí wọ́n má dún rárá. Lọ sí ibi ètò bátìrì lórí fóònù màmá rẹ, kí o sì yọ áàpù náà kúrò nínú àwọn tí fóònù ń dín iṣẹ́ wọn kù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yanjú tèmi.

Màmá Tọ́pẹ́

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi fara jọ èyí. Android ni mo ń kọ áàpù fún, ọkọ mi sì máa ń pa fóònù rẹ̀ ní alaalẹ́. Bí fóònù bá ti kú tí ó tún tàn, gbogbo alámù tí mo fi síbẹ̀ ti pòórá nìyẹn, kò sì sí ohun tí ó sọ fún mi. Ó di ìgbà tí mo gba ìyọ̀ǹda `RECEIVE_BOOT_COMPLETED`, tí mo sì jẹ́ kí áàpù tún àwọn alámù náà kọ ní gbàrà tí fóònù bá tàn, kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú. Ṣé màmá rẹ kì í pa fóònù ní alẹ́?

Adéyẹmọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, bí kò tilẹ̀ dùn létí. Ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ohun tí à ń fi sọ́wọ́ fóònù nìkan. Bí o bá ní sáfà, ìwọ fúnra rẹ ni yóò mọ ìránnilétí tí ó lọ àti èyí tí kò lọ. O kọ sáfà sílẹ̀, o wá ń béèrè ìdí tí iṣẹ́ rẹ kò fi dúró. Ọmọ ìyá tí ó ní kí o lo ìwé kò ṣẹ̀ ọ́.

Àyọ̀ká

Ẹ̀gbọ́n Adéyẹmọ, mo ti sọ ìdí tí n kò fi fẹ́ sáfà, n kò sì ní yí i padà. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá lọ ní aago méje àárọ̀, sáfà kò lè pe màmá mi. Màmá Tọ́pẹ́, ẹ ṣeun, màmá mi kì í pa fóònù rẹ̀.

Ìṣọ̀lá

Àbúrò, o sọ ohun tí àbúrò rẹ wí, ṣùgbọ́n o kò sọ irú fóònù tí ó jẹ́, o kò sì sọ bí o ṣe ń fún fóònù ní àwọn àkókò náà, bẹ́ẹ̀ inú àwọn méjèèjì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ìmọ̀ràn Ògúnṣọlá àti ti Màmá Tọ́pẹ́ tọ̀nà fún Android. Lórí iOS, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ìránnilétí tí a ti fi lé e lọ́wọ́. Kò bìkítà bóyá áàpù rẹ ṣí tàbí kò ṣí, pípa fóònù kò sì ń nu wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ iPhone ni, fi èyí sínú áàpù rẹ, jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní kété tí o bá ti fi àwọn oògùn pamọ́ tán, kí o sì sọ iye tí ó tẹ̀ jáde fún wa:

```swift
UNUserNotificationCenter.current()
  .getPendingNotificationRequests { r in
    print(r.count)
}
```

Ògúnṣọlá

Kò sí ìyàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, fóònù gbogbo ló ń ṣọ́ bátìrì.

Àyọ̀ká

iPhone ni àwa méjèèjì ń lò. Ó tẹ 64 jáde. Mo rò pé kóòdù yìí ni kò kà á dáadáa, nítorí pé 480 ni mo fi síbẹ̀. Oògùn màmá mi jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ó bá fi oògùn pamọ́, mo ń kọ ìránnilétí ti ọjọ́ 30 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì fi àtúnpè kan sí i ní ìṣẹ́jú 15, bóyá kò gbọ́ ti àkọ́kọ́.

Ìṣọ̀lá

Kóòdù náà kà á dáadáa. Ìránnilétí 64 péré ni iOS ń tọ́jú fún áàpù kan. Bí o bá fún un ní 480, àwọn 64 tí àkókò wọn súnmọ́ jùlọ ni yóò mú, yóò sì da ìyókù nù láìsọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí o kò fi rí àbùkù nínú kóòdù rẹ.

Wàyí o, bá mi ṣírò rẹ̀. Oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ìpè 8 lójúmọ́, pẹ̀lú àtúnpè 8, ó di 16. Pín 64 sí 16, ọjọ́ mẹ́rin géérégé ni. Fóònù màmá rẹ kò ṣẹ̀, ó dún títí tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi tán. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì yé mi ni ìdí tí tìrẹ kò fi dákẹ́.

Àyọ̀ká

Háà. Ojoojúmọ́ ni mo ń dán áàpù wò lórí fóònù tèmi. Mo máa ń ṣí oògùn, mo máa ń tún un fi pamọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Màmá mi kò fọwọ́ kan tirẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti tò ó fún un.

Ògúnṣọlá

Ó dára, mo gbà pé kì í ṣe bátìrì. Nígbà náà, sọ gbogbo rẹ̀ di èyí tí ń padà wá lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ parí. Èyí tí ń padà wá, ẹyọ kan péré ni ẹ̀rọ ń kà á sí.

Ìṣọ̀lá

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpè àkọ́kọ́ ni kí o ṣe báyìí, láìfi ọjọ́ sí i, wákàtí àti ìṣẹ́jú nìkan:

```swift
var d = DateComponents()
d.hour = 7
d.minute = 0
let t = UNCalendarNotificationTrigger(
  dateMatching: d, repeats: true)
```

Ṣùgbọ́n o kò lè ṣe àtúnpè bẹ́ẹ̀. Bí màmá bá ti lo oògùn aago méje, àtúnpè aago méje kọjá ìṣẹ́jú 15 kò gbọdọ̀ dún mọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń padà wá ni, o kò lè pa ti òní nìkan, bí o bá yọ ọ́, o ti yọ ti ọ̀la àti ti ọ̀tunla pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ẹlẹ́ẹ̀kan ni kí àtúnpè jẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Oògùn tí dókítà ní kí a lò fún ọjọ́ méje péré náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan, nítorí pé èyí tí ń padà wá kò ní ọjọ́ ìparí, yóò máa pe ènìyàn sí oògùn tí ó ti tán.

Apòògùn

Iṣẹ́ oògùn ni mo ń ṣe, n kò mọ kóòdù. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí ìpè fi jẹ́ mẹ́jọ? Àwọn oògùn tí ó bọ́ sí aago kan náà, ìpè kan ni kí ó kó gbogbo wọn pọ̀, kí ó sì dárúkọ wọn. Nípa àtúnpè, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe kọ "Lo oògùn rẹ" sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti rí arúgbó tí ó lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti lò ó.

Àyọ̀ká

Ẹ ṣeun, sà. Aago 7 àárọ̀, 1 ọ̀sán, 7 alẹ́ àti 10 alẹ́ ni gbogbo wọn pín sí. Ìpè yóò wá jẹ́ mẹ́rin.

Ìṣọ̀lá

Ọ̀rọ̀ apòògùn ṣe é ní ìrànlọ́wọ́ ju kóòdù mi lọ. Ìpè mẹ́rin tí ń padà wá gba àyè 4. Àtúnpè mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ 14 gba 56. Àpapọ̀ jẹ́ 60, ó sì ṣẹ́ku 4 fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbàkúùgbà tí áàpù bá ṣí, kún àtúnpè padà sí ọjọ́ 14.

Àyọ̀ká

Màmá mi kì í ṣí áàpù rárá. Ó máa ń ka ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù, á sì fi í sílẹ̀.

Ìṣọ̀lá

O ì bá ti sọ èyí ṣáájú. Fi bọ́tìnnì "Mo ti lò ó" sí ara ìránnilétí náà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, iOS yóò jí áàpù rẹ fún ìgbà díẹ̀ láìṣí i sójú, níbẹ̀ ni kí o ti yọ àtúnpè ti òní, kí o sì kún àwọn tí ó kù. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ rí, àtúnpè yóò tán lẹ́yìn ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n ìpè mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ní dákẹ́.

Adéyẹmọ

Bí ìyá bá rìnrìn àjò lọ sí ibi tí aago rẹ̀ yàtọ̀ ńkọ́?

Ìṣọ̀lá

Bí a ṣe kọ ọ́ yìí, aago ibi tí ó bá wà ni yóò tẹ̀ lé. Bóyá ìyẹn ló dára fún gbogbo oògùn, apòògùn ni kí ó sọ.

Apòògùn

Oògùn sí oògùn ni. N kò lè fi ẹnu kan dáhùn rẹ̀.

Àyọ̀ká

Ọjọ́ kẹfà rè é, fóònù màmá mi dún ní aago méje àárọ̀ yìí, 60 ni ó sì tẹ̀ jáde. Ìṣòro kan ni ó kù. Ó tẹ "Mo ti lò ó" ní alẹ́ àná, síbẹ̀ àtúnpè dún ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀. `removeDeliveredNotifications` ni mo lò láti yọ ọ́.

Ìṣọ̀lá

Ìyẹn ń yọ èyí tí ó ti dún. Èyí tí kò tíì dún, `removePendingNotificationRequests` ni. Kí o sì fún àtúnpè kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí o lè tún kọ láìgbàgbé, bíi `tun-2026-01-14-2200`, kí o lè mọ èyí tí o fẹ́ yọ.

Àyọ̀ká

Mo ti yí i padà. Aago mẹ́wàá alẹ́ òní ni mo ń dúró dè.